Ìdínkù owó ọkọ̀ búrẹ́dì àti jẹnẹrétọ̀

“Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ilé búrẹ́dì ní Àpáta. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni mo ra ọkọ̀ tá a fi ń pín búrẹ́dì ní mílíọ̀nù 4.8 náírà, mo tún ra jẹnẹrétọ̀ ní mílíọ̀nù 2. Èló ni kí n kọ sínú ìwé owó mi lọ́dọọdún fún ìdínkù wọn, ìyẹn bí owó wọn ṣe ń já bí wọ́n ṣe ń gbó? Ẹnìkan ní kí n máa yọ iye kan náà lọ́dọọdún, ẹlòmíràn ní orí ìyókù ni kí n ti máa yọ ọ́.”

Ọ̀gá mi, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, àmọ́ ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó ní Mọ́kọ́lá, n kì í fi ìṣirò kan náà ṣe ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá san 200,000 fún wẹ́dà tó ṣe pẹpẹ irin tẹ́ ẹ̀ ń to búrẹ́dì sí, ẹ fi kún iye tẹ́ ẹ rà á, ó di mílíọ̀nù 5. Owó epo àti ọ́ìlì kò sí níbẹ̀ o. Ká ní ọdún 5 lẹ máa lò ó, tẹ́ ẹ sì máa lè tà á ní mílíọ̀nù 1 lẹ́yìn náà. Ẹ yọ mílíọ̀nù 1 yẹn, mílíọ̀nù 4 ló kù, ẹ pín in sí ọ̀nà 5: 800,000 lọ́dọọdún. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ yín ń jáde, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn èyí fún un.

Ọdún àkọ́kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ máa ń já owó jù. Ká lo ìdá 30 nínú 100. Ọdún kìíní, 600,000. Ó ku mílíọ̀nù 1.4. Ọdún kejì, orí 1.4 yẹn lẹ ti máa yọ ọ́: 420,000, ó ku 980,000. Ọdún kẹta, 294,000. Tí ọdún kejì bá tún jẹ́ 600,000 nínú ìwé yín, a jẹ́ pé iye tẹ́ ẹ rà á lẹ ṣì ń ṣírò.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyí. Oníbàárà mi kan tó ní ilé ìtẹ̀wé, tí òun náà ra jẹnẹrétọ̀ ní mílíọ̀nù 2, kọ́kọ́ yọ 300,000 tó rò pé òun máa tà á, ó wá ṣírò ìdá 30 lórí mílíọ̀nù 1.7 tó kù. Ó rí 510,000 dípò 600,000. A kì í yọ ọ́ níbí, ìdá yẹn fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ́ nǹkan kù. Ẹ ṣe é dé ọdún karùn-ún, 336,140 ló máa kù. Ẹ bi àwọn tó ń ra àlòkù léèrè: tí iye tí wọ́n dá bá fi púpọ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ dín 30 yẹn kù.

Àwọn olówó-orí kò ní tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà sórí èrè yín, wọ́n á sì fi àyọkúrò tí òfin tiwọn là sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì ọkọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti wẹ́dà yẹn.