"Họ́ọ̀dù ọ́ọ̀nù" kì í ṣe "dì í mú"

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé ìlànà irin-iṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì àti ti yàrá ẹ́ńjìnì sí Yorùbá fún àwọn atukọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ṣé kí n ṣẹ̀dá orúkọ fún wínṣì, bọ́ládì, fáàfù àtàwọn yòókù ni, àbí kí n kọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n? Àti pé ìdákọ̀ró tí mo rí nínú Bíbélì, ṣé mo lè lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má ṣẹ̀dá orúkọ fún wínṣì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ ti ń pè é ní wínṣì kí ìwé yín tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni bóóṣùn, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì, yóò sì máa pè é lọ. Bí ẹ bá kọ "ẹ̀rọ ìfakùn", ńṣe ni òǹkàwé yóò máa wá ẹ̀rọ mìíràn kiri orí dẹ́ẹ̀kì. Bọ́ládì náà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kàn sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tó ti kọ́kọ́ jẹ yọ, pé òpó irin tí a ń so okùn ọkọ̀ mọ́ ni.

Òfin pàápàá fara mọ́ èyí. Orí karùn-ún SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ìlànà 14, sọ pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èdè iṣẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, kí gbogbo atukọ̀ sì gbọ́ èdè náà. Lórí ọkọ̀ tó ń ta àsíá Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi pàṣẹ, òun náà ló sì wà lára àwo irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ìwé yín ni kí ẹni tó gbọ́ àṣẹ náà mọ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi bẹ̀rù orúkọ irin-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo bẹ̀rù.

Ní ọdún 2001, IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, tẹ́wọ́ gba àkójọ gbólóhùn tí àwọn atukọ̀ ń bá ara wọn sọ lójú omi. Àṣẹ okùn wà nínú rẹ̀, wọn kò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ẹ mú "họ́ọ̀dù ọ́ọ̀nù". Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè yóò kọ "dì í mú". Lórí dẹ́ẹ̀kì, ìtumọ̀ yẹn lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí àṣẹ náà ń sọ ni pé kí okùn má jáde mọ́: bíréèkì tàbí bọ́ládì ni yóò gbà á dúró, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni. Okùn tí ọkọ̀ ti fà le yóò gbé ẹni tó bá dì í mú lọ sára bọ́ládì. "Dá okùn dúró" ló yẹ kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi kún un nínú gbólóhùn kan náà pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

"Lẹ́tì gó" náà ní tirẹ̀. "Fi okùn sílẹ̀" ló máa ń wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún ọmọ mi pé "fi ìyẹn sílẹ̀", kó má fọwọ́ kàn án ni mò ń wí. Ẹni kan yóò gbọ́ pé kí òun tú okùn, ẹnì kejì yóò gbọ́ pé kí òun fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ọkọ̀ sì ti ń kúrò létí èbúté. "Tú okùn" ni kí ẹ lò. Àmọ́ tó bá kan ìdákọ̀ró, àṣẹ kan náà di "sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀", nítorí ìdákọ̀ró kì í ṣe ohun tí à ń tú. Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan, àwa ní láti lo méjì. Ní ti "sílákì", "dẹ okùn" ti tó, kò sí wàhálà níbẹ̀. Dídẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí àwọn tó wà létí èbúté tó lè yọ ojú okùn kúrò lórí bọ́ládì, torí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí "dẹ̀" àti "tú" gba ipò ara wọn nínú ìwé náà.

Ẹ jẹ́ ká wá gba ìdí wínṣì ìsokùn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìtumọ̀ tó dùn létí lè tì ènìyàn sínú ewu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa okùn dé bó ṣe yẹ, wọn yóò dè bíréèkì mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn àgbá tí okùn wé mọ́, wọn yóò sì yọ kílọ́ọ̀ṣì tó so àgbá náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí i kúrò. Bíréèkì nìkan ló wá kù tó di okùn mú. Kì í ṣe pé wọ́n dè é débi tí kò ti lè yọ̀ rárá. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ń tẹ̀ lé ni pé kí bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ nígbà tí ìfà bá tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n fi yan okùn fún ọkọ̀ náà. Ká ní tọ́ọ̀nù 50 ni agbára ọ̀hún. Bí ìgbì tàbí ọkọ̀ tó ń kọjá bá fa ọkọ̀ yìí tí ìfà ara okùn sì tó tọ́ọ̀nù 30, dúrọ́ọ̀mù yóò yí díẹ̀, okùn yóò jáde díẹ̀, ara yóò tù ú. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i nìyẹn, kí bíréèkì lè gbà á kí okùn tó já.

Ẹ wá wo bí ìwé kan yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀: "bíréèkì kò ní mú mọ́". Gbogbo ẹni tó ti gun dánfó rí ló mọ ohun tí "bíréèkì ò mú" jẹ́. Bíréèkì ti bàjẹ́ nìyẹn! Atukọ̀ tó ka irú rẹ̀, tó sì rí dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, yóò mú páìpù gígùn kan, yóò fi kún ọwọ́ bíréèkì, yóò sì dè é títí kò fi ní yí mọ́. Láti ìgbà yẹn, okùn ni yóò já. Ẹ kọ ọ́ gbọọrọ bó bá gbà bẹ́ẹ̀: "Bí ìfà bá pọ̀ jù, bíréèkì yóò dẹ okùn díẹ̀ fúnra rẹ̀ kí okùn má bàa já. Má dè é ju àmì tí wọ́n ṣe sí i lọ. Pe ọ̀gá." Kí ẹ sì ṣọ́ra fún kílọ́ọ̀ṣì. "Tẹ kílọ́ọ̀ṣì" ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ mọ́tò. Ti wínṣì kò ní pẹ́dà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń kì í bọ inú jíà, òun náà ni wọ́n fi ń yọ ọ́, nítorí náà "ki kílọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́" àti "yọ kílọ́ọ̀ṣì" ló bá a mu.

Bí okùn bá já, kì í kàn ṣubú lulẹ̀. Okùn oníke tó ti nà gbọọrọ yóò sáré padà síbi tí wọ́n ti so ó, yóò sì na ohunkóhun tó bá wà lọ́nà. Mo rí i tí àwọn kan pe ibẹ̀ ní "agbègbè ìfàpadà". Kò sọ nǹkan kan fún mi. "Ibi tí okùn lè nà dé bó bá já" gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà kan, wọ́n máa ń fi ọ̀dà kun àyè yìí sórí dẹ́ẹ̀kì. Ìlànà òde òní kò fọwọ́ sí i mọ́, nítorí okùn tó gba ara róólà kan yà kò ní tẹ̀ lé ìlà ọ̀dà, ẹni tó sì dúró sí ẹ̀yìn ìlà á rò pé kò séwu fún òun. Bí ìwé tí ẹ ń túmọ̀ bá ti pẹ́, tó sì ní "má dúró nínú ìlà náà", ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ ni kí a kà sí ibi ewu nígbà tí okùn bá ti le.

Ìdákọ̀ró dára, ẹ lò ó. Ohun tí ń dá ọkọ̀ ró ni orúkọ náà ń sọ, ọmọ Yorùbá tó mọ ìwé sì ti mọ̀ ọ́n láti inú Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 27, níbi tí wọ́n ti sọ mẹ́rin sílẹ̀ lóru nínú ìjì. Inú orí yẹn kan náà ni "ìdí ọkọ̀" wà, fún ẹ̀yìn ọkọ̀. Èyí ni kí ẹ sá fún. Nínú yàrá ẹ́ńjìnì, ìdí ọkọ̀ ni ènìyàn yóò pe kòtò ìsàlẹ̀ tí omi àti epo ń ṣàn jọ sí, tí pọ́ǹpù ń fà jáde. Bí àkọlé bá ní "omi ti wọ ìdí ọkọ̀", ṣé ẹ̀yìn ni kí wọ́n sáré lọ ni, àbí ìsàlẹ̀? "Ẹ̀yìn ọkọ̀" ni kí ẹ kọ fún ẹ̀yìn, kí ẹ sì pe kòtò náà ní bíìjì bí wọ́n ṣe ń pè é.

Yàrá ẹ́ńjìnì kò ní àṣẹ púpọ̀ tí wọ́n ń pariwo, torí ariwo ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Àkọlé ara ògiri ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ti fáàfù tó ń gé epo kúrò lára táǹkì bí iná bá sọ. Wọ́n ṣe é kí a lè pa á dé láti ìta yàrá náà, ọ̀pọ̀ ìgbà nípa fífa ọwọ́ kan tó wà nínú àpótí lára ògiri. Bí ẹ bá kọ "ti fáàfù", ẹ ti kó sí wàhálà, nítorí ẹni tó ti ilẹ̀kùn lè pa á dé, ó sì lè fọwọ́ bì í síwájú. Nínú èéfín, ẹni tó ka "ti" yóò bẹ̀rẹ̀ sí bi ọwọ́ tó yẹ kó fà. "Fa ọwọ́ yìí kí epo dáwọ́ dúró" kò ní ìtumọ̀ méjì.

Kí ẹ tó fún wọn ní ìwé náà, ẹ mú atukọ̀ kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń túmọ̀ rẹ̀, ẹ gbé e dúró sídìí wínṣì tí wọ́n ti pa, ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún un, kó máa fọwọ́ ṣe é. Ẹ má ṣàlàyé. Níbi tó bá ti ṣe ohun mìíràn, gbólóhùn ni kí ẹ tún kọ.

Ó ku àmì ohùn. Bí ilé ìtẹ̀wé bá yọ wọ́n kúrò, "okun" lè jẹ́ okùn, ó lè jẹ́ òkun, ó sì lè jẹ́ agbára. Ní ilẹ̀, òǹkàwé yóò mọ èyí tó jẹ́. Lórí ọkọ̀, "ma wo okun" lè jẹ́ kó máa wo okùn tàbí kó má wo òkun, méjèèjì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí bóóṣùn lè sọ. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan fún yín wò kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀, nítorí àmì tó hàn lórí kọ̀ǹpútà máa ń di àpótí òfìfo lórí bébà bí lẹ́tà tí wọ́n lò kò bá ní ẹ̀ àti ọ̀ nínú.