Ọ̀dà wo ló yẹ pálọ̀ tó ṣókùnkùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Pálọ̀ wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 12 ní gígùn lọ. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, fẹ́ǹsì aládùúgbò ló sì kọjú sí. Ọ̀sán gan-an la máa ń tanná. Ṣé tí a bá kùn ún ní funfun báláú, á mọ́lẹ̀, á sì dà bíi pé ó fẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra funfun báláú o. Ọ̀dà kì í tan ìmọ́lẹ̀, èyí tó bá wọlé ló ń dá padà. Nínú yàrá tí oòrùn kì í dé, funfun gidi máa ń dà bí eérú ní kọ̀rọ̀. Mo kun irú rẹ̀ fún oníbàárà kan rí, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ní mo bu omi lu ọ̀dà òun.

Kírímù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun ni kí ẹ rà, èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá gbé bébà lé e lẹ ó tó mọ̀ pé kò funfun. Òun ni kí ẹ fi kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan máa ń kun ìsàlẹ̀ ní búráùn nítorí ọwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé lojú á dúró sí, yàrá á sì kúrú. Sátíìnì tó ṣeé nù ló tó yanjú ti ọwọ́ ọmọdé. Gílọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ á tú àṣírí gbogbo ibi tí ògiri ò ti tẹ́jú.

Funfun báláú yín ní ibi tó yẹ ẹ́: àjà, àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tó yí fèrèsé ká. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ́kọ́ balẹ̀. Fẹ́ǹsì yẹn náà ńkọ́? Ara rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta wọlé yín. Tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí òjò ti sọ di dúdú, ẹ bẹ aládùúgbò kó jẹ́ kí ẹ kun apá tó kọjú sí yín ní funfun, ọ̀dà ìta ni o. Lójú tèmi, èyí lè ṣe ju gbogbo ohun tí ẹ ó kùn sínú lọ.

Tí ògiri yín bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9, gálọ́ọ̀nù lítà 4 méjì á tó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Tí àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá dúdú, ẹ kọ́kọ́ fi ẹmọ́ṣọ̀n funfun bò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa yọjú.

Kí ẹ tó ra gálọ́ọ̀nù, ẹ ra kékeré, kí ẹ kun páálí fífẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí fèrèsé jù, kí ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Tó bá dára lọ́sàn-án àmọ́ tó pọ́n bí ẹyin lálẹ́, gílóòbù yín ló pọ́n. Òun ni kí ẹ pààrọ̀ sí funfun, kí ẹ tún páálí náà wò.