"Àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ": fóònù ní kìlómítà 33, dírébà ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo fi fóònù wọn Adó-Èkìtì sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó ní kìlómítà 33. Dírébà ní irọ́ ni, ọ̀nà yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín, ó ní "àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ". Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an, ta ló sì ń parọ́ nínú fóònù àti dírébà?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì o, nǹkan tí wọ́n wọ̀n ló yàtọ̀ síra. Bàbá yín sì ti dáhùn kẹ́ ẹ tó béèrè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òwe ẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ lọ báyìí: àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ, ibi tá a bá gbà gùn ún náà la ó gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ wo ẹni tó gun ọ̀pẹ lọ kọ ẹyìn, ó wà lókè pátápátá, ó wo ìsàlẹ̀ ó rí bàtà ẹ̀ níbi tó bọ́ ọ sí, ilẹ̀ ò jìnnà sí i rárá, àmọ́ kò lè fò sí i, àfi kó tún máa fi igbà sọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe fi gùn ún. Àwọn èèyàn sábà máa ń pa á fún ẹni tó fẹ́ fo apá kan iṣẹ́ kó lè tètè débẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbùjá fúnra ẹ̀, ẹ tú u wò, à-bù-já: kéèyàn bù lára ọ̀nà kó lè tètè já síbi tó ń lọ. "Já" yẹn náà la ń lò tá a bá ní ọ̀nà kan já sí ọjà. Ohun tí bàbá yín ń sọ ni pé àbùjá ni fóònù yín bá yín gbà, ojú lè gbà á, mọ́tò ò lè gbà á.

Ká ní ẹ so okùn mọ́ àárín Adó, ẹ wá fà á kó le dan-in dan-in títí dé àárín Ẹ̀fọ̀n, kó gba orí oko àti orí òkè àti orí òrùlé ilé onílé kọjá láìyà síbì kankan, gígùn okùn yẹn ni 33. Béèyàn ṣe ń rí i ò le. Máàpù fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì tí wọ́n ń fi dìgírì kà, ọ̀kan sọ bó ṣe jìn sí àríwá, ìkejì sọ bó ṣe jìn sí ìlà-oòrùn. Adó wà ní bíi 7.62 àti 5.22, Ẹ̀fọ̀n wà ní bíi 7.65 àti 4.92. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, dìgírì kan jẹ́ bíi kìlómítà 110, ó lé díẹ̀. Láti 5.22 wá sí 4.92 jẹ́ 0.30, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 110, 33 nìyẹn. Ìyàtọ̀ ti àríwá yẹn kéré débi pé kò fi nǹkan kan kún un tó yẹ ká sọ.

Ṣùgbọ́n ta ló ń gba orí okùn lọ sí Ẹ̀fọ̀n? Títì tí mọ́tò ń gbà láti Adó, Ìyìn ló ń bá lọ, ó gba Ìgèdè, ó dé Arámọkọ kó tó yí sí Ẹ̀fọ̀n. Arámọkọ ò sì sí lórí okùn wa o, ó wà lápá àríwá ẹ̀ ní bíi kìlómítà 7. Tẹ́ ẹ bá na okùn méjì dípò ẹyọ kan, ìyẹn Adó sí Arámọkọ, lẹ́yìn náà Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n, àkọ́kọ́ á jẹ́ bíi 22, ìkejì bíi 14, ó di 36. Ẹ wò ó, a ò tíì ka kọ́nà ẹyọ kan ṣoṣo, 3 ti lé nìyẹn. Títì ò wà fún ìlú méjì péré, gbogbo ìlú tó wà láàárín ló fẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń yà lọ yà bọ̀.

Ẹ wá fi kọ́nà kún un, pàápàá bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé gígun òkè fúnra ẹ̀ ló sọ ọ̀nà di gígùn. Mo ti bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ gbé téèpù rí, ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká tẹ́ ẹ sára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, a gbọ́dọ̀ dì í mú kó lọ gbọọrọ nínú afẹ́fẹ́ kó má dagun, ká wá fi okùn tí irin wà nídìí ẹ̀ sọ ibi tó bọ́ sí lórí ilẹ̀. Lójú mi nígbà yẹn, a ń rẹ́ onílẹ̀ jẹ ni! Ìgbà tí mo ṣírò ẹ̀ ni mo tó dákẹ́: tí ọ̀nà bá lọ kìlómítà kan tó sì ga sókè ní mítà 100, tó ti le díẹ̀ fún mọ́tò tó kó ẹrù, mítà 5 péré ni gígun yẹn fi kún un. Nínú 1,000, 5 kì í ṣe nǹkan.

Ohun tó ń fi kìlómítà kún un ni pé òkè ò jẹ́ kí títì lọ tààrà. Ká ní òkè kan ga ní mítà 100, tó jẹ́ pé mítà 500 ló wà láti ìdí ẹ̀ dé orí tẹ́ ẹ bá dojú kọ ọ́. Tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì ò ní gun ìyẹn, tó bá tiẹ̀ gùn ún, ta ló fẹ́ wà níwájú ẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀? Àwọn tó ń ṣe títì á wá dín in kù, ká ní kó má ga ju mítà 6 lọ nínú 100. Kí mítà 100 tó pé báyìí, ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,700, kò sì sí bó ṣe máa rí ìyẹn nínú 500 àfi kó máa wọ́ kiri bí ejò. Omi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, títì á yà lọ bá ibi tí odò ti tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n lè ṣe afárá síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí fóònù ń sọ fún yín, nínú Google Maps, "Measure distance" ló ń na okùn, "Directions" ló ń tẹ̀ lé títì. Ti títì ò lè kéré sí ti okùn láé, tó bá kéré, ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ kọ́ lẹ rò pé ẹ tẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta okùn ló máa fi lé. Tó bá wá di ìlọ́po méjì, ẹ wò ó dáadáa, yálà òkè tàbí odò wà láàárín, tàbí máàpù ò mọ ọ̀nà kan tó wà níbẹ̀. Ẹ má sì fi okùn dúnàádúrà owó ọkọ̀ o, èmi ti ṣe é rí nígbà tí mo fẹ́ kó iṣu, ọlọ́kọ̀ ní kí n lọ gbé e gba ojú ọ̀run.

Ohun kan péré ni mo máa fi bá bàbá yín jiyàn. Ẹsẹ̀ ní àbùjá tí mọ́tò ò ní. Ọ̀nà oko tí àwọn àgbà máa ń rìn láyé ọjọ́un, òkè ló ń dojú kọ tààrà, ẹni tó ru iṣu á gùn ún ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sinmi lójú ọ̀nà, á tún gbéra, nígbà tí títì ṣì ń yí òkè kan náà po. Ẹ bi í bóyá ó mọ ọ̀kan nínú ẹ̀.