Kí ló ń pinnu bí dẹ́kìn ṣe máa nípọn tó?

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Yàrá ìjókòó ilé tí mo ń kọ́ fẹ̀ ní mítà 3.9, ó gùn ní mítà 8.4. Àwọn ògiri méjì tó gùn, tí bulọ́ọ̀kù wọn jẹ́ mìlímítà 225, ló máa gbé dẹ́kìn òkè rẹ̀. Bíríkìlà mi ní kí á da mìlímítà 125, kí á to irin mìlímítà 10 sí i, kí àárín irin kan sí èkejì jẹ́ 150. Ó ní ó ti tó. Ẹnjiníà tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní kò gbọdọ̀ dín ní 150. Ṣé kì í ṣe irin ni agbára dẹ́kìn ni?*

Àbúrò, dẹ́kìn tí bíríkìlà rẹ fẹ́ dà kò ní wó. Mo ṣírò rẹ̀ kí n tó dá ọ lóhùn, irin tó dárúkọ yẹn sì tó gbé ẹrù tó máa wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa tẹ̀, irin kọ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dènà títẹ̀. Ìyẹn ni ẹnjiníà rẹ rí tí bíríkìlà kò rí.

Wọ́n pè mí rí sí ilé kan tí ilẹ̀kùn yàrá òkè kò fẹ́ pa dé mọ́. Káfíńtà ti fá etí ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ta okùn sórí ilẹ̀ yàrá náà láti ògiri kan dé ìkejì, mo fà á le dáadáa. Lẹ́bàá ògiri, okùn kan ilẹ̀; ní àárín yàrá, ìka mi méjì wọ abẹ́ rẹ̀. Táìlì ti ya ní àárín, bulọ́ọ̀kù tí wọ́n fi pín yàrá náà sì ti sán ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Dẹ́kìn yẹn kò fẹ́ wó rárá. Ó kàn tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ ni, ọdún sì ń gorí ọdún. Kọnkéré tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kì í tẹ̀ tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ pákó. Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí ó kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú yàrá tìrẹ. Gígùn rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ lọ, ògiri méjì tó gùn nìkan ló sì gbé e. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹrù ń gbà: ó ń gba ibi tó kúrú lọ sí ògiri. Wò ó bíi pákó tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí gọ́tà. Pákó kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ti ara rẹ̀, láti etí gọ́tà kan dé èkejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣírò ọ̀já kan tó fẹ̀ ní mítà kan péré, ohun tó bá sì bá a mu la ó ṣe fún gbogbo dẹ́kìn náà. Irin gidi, ìyẹn èyí tó ń gbé ẹrù, gbọ́dọ̀ na gba ibi tó kúrú, ìyẹn mítà 3.9. Mo ti rí ibi tí wọ́n nà á gba ibi tó gùn nítorí pé irin wọn gùn, wọn kò sì fẹ́ gé e. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ títẹ̀. Ìyẹn lè wó.

Nǹkan kejì tó yẹ kó o mọ̀ ni pé gbogbo ìnípọn dẹ́kìn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni láti ojú òkè kọnkéré dé àárín irin ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹnjiníà ọ̀la, ẹ máa rí i nínú ìwé pé `d` ni wọ́n ń pè é. Tí dẹ́kìn bá jẹ́ 150, tí kọnkéré tó bo irin nísàlẹ̀ jẹ́ 20, tí irin sì jẹ́ 12, a ó yọ 20, a ó tún yọ ìdajì irin, ó ku 124. Nínú 125 ti bíríkìlà rẹ, pẹ̀lú irin 10, 100 péré ló kù. Yàrá 3.9 àti `d` lápapọ̀ ni a ń pè ní àlàfo tí dẹ́kìn ń dá kọjá, nítorí náà ti bíríkìlà rẹ jẹ́ mítà 4.0.

Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kọnkéré, tí wọ́n ń pè ní BS 8110, ni mo lò níhìn-ín, torí pé ó rọrùn láti fi ọwọ́ ṣírò. Ó ní kí á fi `d` pín àlàfo náà. Fún dẹ́kìn tó kàn jókòó sórí ògiri méjì, èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 20 lọ. Èyí tó ń bá a lọ kọjá ògiri sínú yàrá mìíràn ní ẹ̀tọ́ sí 26, torí pé àwọn ẹ̀gbẹ́ ń di ara wọn mú. Èyí tó yọ síta láìní òpó ní 7 péré. Lẹ́yìn náà, a ó fi iye kan sọ 20 yẹn di púpọ̀, ó sinmi lórí bí irin ṣe ń fà tó:

```
m  = 0.55 + (477 − fs) / (120 × (0.9 + M/bd²))
fs = (2/3) × fy × As1/As2
```

`m` ni iye náà, `fs` ni bí irin ṣe ń fà tó, `As1` ni irin tí agbára béèrè, `As2` ni irin tí a tò sí i ní tòótọ́. `M` ni agbára tó ń tẹ dẹ́kìn ní àárín, tí a ó sọ di nútìnì-mìlímítà, `b` ni mítà kan tí a ń ṣírò, ìyẹn mìlímítà 1000, `fy` sì ni agbára irin, tí mo mú ní 460. Iye `m` kò gbọdọ̀ kọjá 2. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń sọ ni pé tí irin bá pọ̀ ju èyí tí agbára béèrè lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í fà púpọ̀, kọnkéré kì í sán púpọ̀, dẹ́kìn a sì le díẹ̀ sí i.

Wo 125 náà. Kọnkéré rẹ̀ wúwo ní kìlónútìnì 3.0 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Mo fi 1.5 kún un fún siménti orí rẹ̀, táìlì, rírẹ́ abẹ́ rẹ̀ àti ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì fi 1.5 kún un fún ènìyàn àti àga. Àwọn ẹrù tí kò ní kúrò, mo fi 1.4 sọ wọ́n di púpọ̀. Ti ènìyàn, 1.6. Gbogbo rẹ̀ di 8.7. Ní àárín, `M` = 8.7 × 4.0² ÷ 8, ìyẹn kìlónútìnì-mítà 17.4. Pẹ̀lú kọnkéré agbára 25, irin tí ó béèrè jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 435 nínú mítà kan. Irin 10 tí wọ́n tò ní 150 jẹ́ 524. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Bíríkìlà rẹ kò parọ́ rárá.

Wá wo títẹ̀ rẹ̀. Iye `m` jáde ní 1.25, nítorí náà 20 di 25. Ṣùgbọ́n 4000 tí a fi 100 pín jẹ́ 40! Kì í ṣe pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ó ti jìnnà. Má sì rò pé irin la fi máa tún un ṣe. Ká tiẹ̀ da irin sí i títí `m` á fi dé 2 tó jẹ́ òpin rẹ̀, 40 gan-an ló máa gbà, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan kan, iye irin náà á sì pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Kọnkéré ló kéré.

Nísinsìnyí, 150. Àlàfo rẹ̀ di mítà 4.024, ẹrù rẹ̀ di 9.54 (dẹ́kìn tó nípọn ń gbé ara rẹ̀ náà, má gbàgbé), `M` sì di 19.3. Irin tí agbára béèrè lọ sílẹ̀ sí 379 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù pọ̀ sí i, torí pé `d` ti ga sí i. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú irin 12 ní 200, ìyẹn 565. Iye `m` jẹ́ 1.60, tó gbà wá láàyè 32.0, àlàfo tí a fi `d` pín sì jẹ́ 32.5. Ó já a ní bíńtín! Ọ̀pọ̀ ló máa ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo sún àwọn irin náà mọ́ra sí 175, ó di 646. Iye `m` di 1.70, ààyè di 34.0. Ó gbà. O rí i pé agbára kọ́ ló béèrè irin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irin 12 ní 275 ìbá ti tó fún agbára. Títẹ̀ ló jẹ gbogbo ìyókù.

Tí irin bá wọ́n ọ lójú, ọ̀nà kejì wà: da 175. Irin 12 ní 250 máa tó fún un, ó máa kọjá nínú ọ̀ràn títẹ̀, àmọ́ kọnkéré rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà pọ̀ ju ti 150 lọ, ògiri àti ìpìlẹ̀ ló sì máa gbé e. Fún yàrá tìrẹ, 150 pẹ̀lú irin 12 ní 175 ni èmi máa yàn.

Lórí irin gidi yẹn, to irin 10 ní 300 gba ọ̀nà gígùn. Tirẹ̀ ni pé kó di gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó má jẹ́ kí kọnkéré sán bó ti ń gbẹ. Irin gidi ló gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe èyí. Sì fi irin díẹ̀ sí òkè lẹ́bàá àwọn ògiri méjèèjì, ìdajì irin àárín, kí ó wọ inú yàrá tó nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 60. A ṣírò bí ẹni pé dẹ́kìn kàn jókòó lórí ògiri, ṣùgbọ́n ògiri òkè tí wọ́n máa kọ́ lé e yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú òkè rẹ̀ á sì sán níbẹ̀ tí kò bá sí irin.

Ohun kan ṣẹ́kù, òun ló sì ń ba ìṣirò tó dára jẹ́ jù. Kọnkéré kékeré tí wọ́n fi ń gbé irin kúrò lórí pákó, èyí táwọn bíríkìlà ń pè ní bísíkíìtì, gbọ́dọ̀ ga ní 20. Níbi tí wọ́n bá ti fi àfọ́kù bulọ́ọ̀kù tó ga ní 40 dípò rẹ̀, `d` rẹ ti di 104. Agbára ṣì máa kọjá, ṣùgbọ́n ààyè títẹ̀ á di 27, tìrẹ á sì ti lé ní 38. Ìyẹn ni pé o ti sanwó 150, o sì gba dẹ́kìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ tó 125. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa da á, mú tépù, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àárín yàrá, kì í ṣe lẹ́bàá ògiri, kó o wọn láti orí pákó dé abẹ́ irin. Tí kò bá jẹ́ 20, ní kí wọ́n dúró.