Láti ìgbà wo ni a ó ti ka ọgbọ̀n ọjọ́, ta ló sì ni owó tó wà lọ́wọ́ alágbàtà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Alágbàtà ìdójútòfò ni wá. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan fi àdéhùn iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì kọ nípa owó: “Alágbàtà yóò yọ kọmíṣọ̀n rẹ̀, yóò sì san ìyókù láàárín ọjọ́ 30.” Ṣé kí a fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ohun tí gbólóhùn yẹn kò sọ ni ó lè kó yín sí wàhálà, èyí tí ó sì tóbi jù nínú rẹ̀ ni ẹni tí ó ni owó náà ní àsìkò tí ó fi wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá jẹ́ aṣojú oníbàárà lórí owó náà, tí ilé-iṣẹ́ yín sì wó kí ẹ tó san án, oníbàárà ni yóò pàdánù, nítorí ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé òun kò tíì gba kọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni yín, àwọn ni àdánù náà yóò dé bá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Owó tí oníbàárà bá san fún alágbàtà lábẹ́ àdéhùn yìí, ilé-iṣẹ́ ti gbà á láti ọjọ́ tí ó ti wọ àkáǹtì alágbàtà. Owó gbà-máà-bínú òfò tàbí owó àdápadà tí ilé-iṣẹ́ bá fi rán alágbàtà, oníbàárà kò tíì gbà á títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.” Ìdajì kejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

Ní ti ọjọ́ 30, wọn kò sọ ibi tí kíkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti ọjọ́ tí ìdójútòfò bẹ̀rẹ̀, oníbàárà tí ó bá pẹ́ kí ó tó sanwó ti sọ yín di ẹni tó rú àdéhùn kí owó tó dé ọwọ́ yín, ibẹ̀ sì ni àwọn alágbàtà ti máa ń fi owó oníbàárà mìíràn dí i. Gbèdéke méjì ni ó yẹ kí ó wà: ọ̀kan fún oníbàárà, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ 60 láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdójútòfò, tí ẹ ó sì fi tó ilé-iṣẹ́ létí bí owó kò bá wọlé, èkejì fún ẹ̀yin, bóyá ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ́yìn tí owó bá ti dúró gbọn-in nínú àkáǹtì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ kì í ṣe onígbèsè owó tí ẹ kò gbà. Níbi tí òfin bá sọ òmíràn, òfin ni yóò borí: abala 53 Òfin Ìdójútòfò Ojú Omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1906, fi gbèsè náà sọ́rùn alágbàtà fúnra rẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá fẹnu kò sí òmíràn.

Kọmíṣọ̀n ni ó kù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó ìdójútòfò ọdún kan jẹ́ 1,200,000, tí kọmíṣọ̀n jẹ́ ìdá 15 nínú 100, ìyẹn 180,000, tí oníbàárà yóò sì san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, 400,000 lẹ́ẹ̀kan. Gbólóhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ fàyè gbà yín láti yọ 180,000 lára owó àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi 220,000 ṣọwọ́. Bí oníbàárà kò bá san ìyókù mọ́, 120,000 tí ẹ ti ná kì í ṣe tiyín. Ẹ kọ ọ́ pé bí owó bá ṣe ń wọlé ni kọmíṣọ̀n yóò máa tọ́ sí yín: 60,000 ni ti àkọ́kọ́, 340,000 ni ẹ ó sì fi ránṣẹ́.

Ẹ ronú kan àdápadà náà. Bí oníbàárà bá san gbogbo rẹ̀ tán, tí ó wá fagi lé ìdójútòfò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí àdéhùn rẹ̀ sì sọ pé ìdajì yóò padà, 600,000 ni yóò retí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò sábà máa ń rán 510,000, kí alágbàtà fi 90,000 kọmíṣọ̀n kún un. Bí ẹ bá fẹ́ di kọmíṣọ̀n yín mú nígbà tí oníbàárà bá fagi lé e, àdéhùn yìí àti ti oníbàárà gbọ́dọ̀ jọ sọ ọ́.

Àkáǹtì owó oníbàárà gbọ́dọ̀ dá dúró, kí bánkì sì fi lẹ́tà gbà pé òun kò ní fi owó inú rẹ̀ san gbèsè tí ẹ jẹ òun. Bí owó ilé-iṣẹ́ adójútòfò yìí yóò bá wà pọ̀ mọ́ ti àwọn oníbàárà, kí ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ pé àwọn oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ gba tiwọn bí owó kò bá tó. Lóṣooṣù, ẹ wo ìwé oníbàárà kọ̀ọ̀kan: bí iye tí ẹ san jáde lórúkọ ẹnì kan bá ju iye tí ó san wọlé lọ, owó ẹlòmíràn ni ẹ fi dí i, bí àpapọ̀ tó wà ní bánkì tilẹ̀ pé.