Agbaṣẹ́ṣe Gba Owó Ilé, Ó Pa Iṣẹ́ Tì: Kí Ni Ẹ̀tọ́ Ẹni Tó Ni Ilé?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékúmù, Alfa wa. Mo gbé iṣẹ́ ilé mi ní Ìkòròdú fún agbaṣẹ́ṣe kan, láti ìpìlẹ̀ dé líńtẹ̀lì, láàárín oṣù mẹ́ta. Mo fún un ní ₦4,000,000 kó fi ra ohun èlò, àti ₦2,000,000 owó iṣẹ́. Ó mọ ọ́n dé ojú fèrèsé, ó sì pa á tì. Oṣù kẹjọ rèé. Alfa kan ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀ nínú owó iṣẹ́ nítorí kò parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa fi ₦100,000 lé owó náà lóṣooṣù títí yóò fi dá a padà. Àwọn kan ní kí n fi ọlọ́pàá gbé e, àwọn kan ní kí n gbé e ṣépè. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa àléékúmù sàlámù, arábìnrin wa. Kí Ọlọ́hun dá ohun ìní yín padà fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí Alfa yẹn sọ wà nínú ìwé wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí iṣẹ́ ilé ló wà. Ní madihabu Imaamu Maliki tí a ń tọ̀, bí ènìyàn bá ní, "Ẹni tó bá rí ewúrẹ́ mi tó sọnù, mo máa fún un ní iye báyìí," ẹni tó wá a tí kò rí i kò ní gba nǹkan kan. Jú'ùlù nìyẹn. Àwọn onímọ̀ wa kò fi ìlànà yìí sí ibi tí oníṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ohun ìní ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, nítorí gbogbo bulọ́ọ̀kù tí bírìkìlà bá tò ti di ti onílé lójú ẹsẹ̀. Bí a bá wá ní kí oníṣẹ́ má gba nǹkan kan, onílé ti jẹ làálàá ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Kódà nínú jú'ùlù fúnra rẹ̀, Ṣéù Kaliili sọ nínú Mukitasari pé bí onínǹkan bá gba ẹlòmíràn láti parí iṣẹ́ náà, ẹni àkọ́kọ́ ní ìpín tirẹ̀. Iṣẹ́ ilé yín, ìjáárà ni, ìyẹn àdéhùn gbígba ènìyàn síṣẹ́ lówó, ìwọ̀n iṣẹ́ tó bá sì ṣe ni owó tirẹ̀. Kí àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí wọ́n ka ìwé dópin kí wọ́n tó gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ ya owó méjèèjì sọ́tọ̀. Owó ohun èlò kì í ṣe tirẹ̀ rí. Ẹ rán an lọ́jà ni, àmáànà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, kó ka bulọ́ọ̀kù, kó ṣírò sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti irin tó wà nínú ilé, kó sì fi wé rìsíìtì. Ká ní ohun tó bá níbẹ̀ jẹ́ ₦2,500,000, ₦1,500,000 tó kù yóò padà pátápátá. Bí ó bá ní òjò ba sìmẹ́ńtì jẹ́, ẹ wádìí bó ṣe kó o pamọ́. Alámáànà tó ṣọ́ nǹkan dáadáa kò san ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó yín parí ilé ẹlòmíràn ti dàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní ti owó iṣẹ́, ẹ má fi gíga ògiri díwọ̀n. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà: gbígbẹ́ ilẹ̀, kọnkéré, fífi ilẹ̀ dí inú ìpìlẹ̀. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní ó ti ṣe ìdá 60 nínú 100, ₦1,200,000 jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, yóò dá ₦800,000 padà. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦2,300,000.

Ṣùgbọ́n kó tó di pé owó ń padà, ẹ̀tọ́ yín àkọ́kọ́ ni pé kó parí iṣẹ́. Ọlọ́hun ní nínú Suuratul Maaida, ẹsẹ̀ kìn-ín-ní, pé kí àwa onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ. Ìjáárà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá nìkan tú ká. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ gan-an lẹ gbà síṣẹ́, tí àìsàn wá dá a dúró, àdéhùn lè tú. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe ń kó òṣìṣẹ́ wá ni, iṣẹ́ yìí gbèsè ni lọ́rùn rẹ̀. Kó parí rẹ̀, tàbí kó fi owó tirẹ̀ gba ẹni tí yóò parí rẹ̀. Bí bírìkìlà tuntun bá gba ₦1,100,000 fún iṣẹ́ tó kù, ₦300,000 tó lé lórí ₦800,000 yẹn, orí rẹ̀ ló wà. Èyí kì í ṣe èlé, iṣẹ́ tó jẹ yín ló ń san.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fipá mú un padà sórí ilé yín. Ẹni tí wọ́n fipá mú lè dín irin líńtẹ̀lì kù, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ògiri yóò fi là. Ilé ẹjọ́ ìjọba náà kì í sábà pàṣẹ pé kí kọ́lékọ́lé padà sẹ́nu iṣẹ́, owó ni wọ́n ń dá lé e lórí.

Ti ẹ̀gbọ́n yín ló bà mí lẹ́rù jù. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíì lágbàáyé jókòó ní Riyadi lọ́dún 2000, wọ́n ní ó tọ́ kí agbaṣẹ́ṣe gbà nínú àdéhùn pé òun yóò san iye kan bí òun bá fi iṣẹ́ falẹ̀, níwọ̀n bí kò bá ti ju òfò gidi lọ. Orí iṣẹ́ ni wọ́n ti gbà á, wọn kò gbà á lórí gbèsè owó. Ẹ̀yin kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣàdéhùn. Ọjọ́ tí ẹ bá sì ti ní, "Fi iṣẹ́ sílẹ̀, dá owó mi padà," tó gbà, owó yẹn ti di gbèsè. Kọ́bọ̀ tó bá lé e nítorí ìdádúró, owó èlé ni, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ohun tí wọ́n ṣe yín sọ ara yín di olówó èlé. Owó ilé tí ẹ ń san níbi tí ẹ ń gbé nítorí kò parí iṣẹ́ lásìkò, ẹ lè gbé e síwájú adájọ́ pẹ̀lú rìsíìtì. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ má dá a bù fún ara yín.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Bí ẹ bá rí ẹ̀rí pé jìbìtì ló fi gba owó láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀tọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí méjì àti imaamu yín, ẹ fi ìṣirò hàn án, ẹ kọ iye àti ọjọ́ sílẹ̀ bí Bakọra 282 ṣe pa á láṣẹ. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà béèrè owó náà, kí ẹ sì gba ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré tó wà lábẹ́ kóòtù májísíréètì ní Èkó lọ. Owó tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ lè ké sí Ọlọ́hun, àdúà ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí kò ní gàgá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ní kí ẹ mú orúkọ rẹ̀ wá kí wọ́n fi àbẹ́là àti ìṣó ṣe é lóru, aládàádáálẹ̀ ni wọ́n, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀.

Bí ó bá ní òun kò ní owó, ẹ wo ìgbé ayé rẹ̀. Bí ó bá ń gba iṣẹ́ kiri tó sì ń náwó, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní àbòsí ni kí ọlọ́rọ̀ máa fi gbèsè falẹ̀. Bí ìnira rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, Bakọra 280 ní kí ẹ dúró dè é. Ẹ sì lè fi díẹ̀ jì í. Nígbà tí Kaabu ọmọ Maliki ń bá onígbèsè rẹ̀ jà nínú mọ́sálásí, Ànábì ṣe àmì sí i pé kó fi ìdajì sílẹ̀. Kaabu gbà. Ànábì wá yíjú sí onígbèsè, ó ní kó dìde kó lọ san ìyókù.