Èsì: Pupa ìgò epo tó di búráùn

“Mo fẹ́ sọ fọ́tò ìgò epo pupa wa di àwòrán fún lébẹ́ẹ̀lì, àmọ́ lẹ́yìn Image Trace, pupa wa di búráùn. Kí ni ṣíṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́. Inú fọ́tò ni Image Trace ti ń mú àwọ̀, iná tí ẹ fi yà á sì ti yí pupa yẹn padà. Ìrísí ìgò nìkan ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ fọ́tò.

Nínú Photoshop, ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun, kí ẹ lo Posterize, Levels 4. Ẹ gbé e wọ fáìlì CMYK nínú Illustrator, ẹ ṣe Image Trace, kí ẹ yan Grayscale ní Mode, kí ẹ tẹ Expand. Ká ní pupa yín jẹ́ C0 M95 Y100 K0, ẹ fi í sí Swatches, kí ẹ máàkì Global. Ẹ tẹ ibi kan tó ní àwọ̀ eérú, kí ẹ lọ sí Select > Same > Fill Color, kí ẹ wá fi àwọ̀ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó fẹ̀ jù ló ni pupa gidi. Eérú tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, Tint 60%. Funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún dídán ìgò. Òjìji ńkọ́? Pupa kan náà ni, pẹ̀lú K25. Ẹ má da dúdú lé e pẹ̀lú Multiply, nítorí dúdú tó ní àwọ̀ búlúù nínú ló ń sọ pupa di búráùn.

Lógò, ẹ lo fáìlì rẹ̀ gan-an, ẹ má ṣe tirésì rẹ̀.

Kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan sórí bébà lébẹ́ẹ̀lì gangan, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Tí bébà bá jẹ́ búráùn, pupa á ṣókùnkùn, àfi tí wọ́n bá tẹ funfun sábẹ́ rẹ̀.